Ìdánwò Káńsù àwọn nọ́ọ̀sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: kí lẹ fi ń rántí ìyípo ọkàn, nẹ́fù orí àti iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀?

Ọmọ Ìgbóǹnà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí níbí ní Òṣogbo, ọdún kẹta ni mo wà, ìdánwò sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nǹkan mẹ́ta ló ń dà mí láàmú: ìyípo ọkàn, nẹ́fù orí méjèèjìlá, àti iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, pàápàá pòtásíọ̀mù.

Kì í ṣe pé n kò kàwé. Gbogbo orin tí àwọn tó ṣáájú wa fi ń há nǹkan wọ̀nyí sórí ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ní Tọ́sìdeè tó kọjá, tísà dúró ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn kan ní wọ́ọ̀dù, wọ́n ní, "Nígbà tí fáàfù máítírà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tì, fáàfù wo ló wà ní ṣíṣí?" Ẹnu mi kú. Mo lè ka orúkọ fáàfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìmí, síbẹ̀ n kò mọ ìgbà tí èyí ń ṣí àti ìgbà tí tọ̀hún ń tì. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹun ọ̀sán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin fi rántí tirẹ̀. Kì í ṣe orin orúkọ nìkan o. Èyí tí mo lè fi ronú nígbà tí wọ́n bá yí ìbéèrè po ni mò ń wá.

Akin Ayétòrò

Má bẹ̀rù, ìbéèrè yẹn rọrùn. Fáàfù aọ́tà ló ṣí. Bí èyí tó wà láàárín bá ti tì báyìí, èyí tó jáde sí ìta á ṣí lójú ẹsẹ̀. Rántí pé méjì ń ṣí, méjì ń tì, bíi gíláàsì ojú wàíńdò: bí apá kan bá lọ sọ́tùn-ún, èkejì á bọ́ sósì. Bí èmi ṣe rántí tèmi nìyẹn lọ́dún tó kọjá, mo sì yege.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà

Akin, o sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀, ibi tí o gbà kọjá yẹn gan-an sì ni tísà náà fi ìbéèrè sí. Nígbà tí máítírà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tì, kò sí fáàfù kankan tó wà ní ṣíṣí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló tì. Ìgbà kékeré ni, a ò tiẹ̀ tíì pajú tán tó ti kọjá, ṣùgbọ́n ó wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ́ ọ. Agbo ilé onílù ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà etí ni mo fi mọ̀wé ju ojú lọ. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́, ìwé fi ìlà márùn-ún hàn mí lórí àwòrán kan, ọ̀kan ń gòkè, ọ̀kan ń sọ̀ kalẹ̀, n kò rí ìdí rẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbé ìgbọ́kàn sí àyà ara mi lóru ni ó tó yé mi.

Mú ọkàn bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì tí wọ́n kọ́ mọ́ra, ògiri kan ló pín wọn. Ilé kọ̀ọ̀kan ní yàrá òkè kan àti yàrá ìsàlẹ̀ kan. Ilẹ̀kùn àárín wà láàárín yàrá òkè àti ti ìsàlẹ̀. Géètì wà láti yàrá ìsàlẹ̀ bọ́ síta. Lápá òsì, ilẹ̀kùn àárín ni máítírà, géètì ni aọ́tà. Lápá ọ̀tún, ilẹ̀kùn àárín ni tíráíkọ́sípíìdì, géètì sì ni ti pọ́mónárì tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ilé méjèèjì ń ṣe nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà apá òsì nìkan ni kí o fọkàn bá lọ.

Òfin kan ṣoṣo ló wà: kò sí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn wọ̀nyí. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣí i, òun náà ló ń tì í. Ibi tí ìfúnpá bá ti pọ̀ jù ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, ilẹ̀kùn kì í sì í gbà kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn. Bí o bá di òfin yìí mú, o kò ní nílò orin.

Bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí gbogbo ọkàn ń sinmi. Ìfúnpá yàrá ìsàlẹ̀ kéré, ilẹ̀kùn àárín ṣí sílẹ̀, géètì tì. Ẹ̀jẹ̀ ń rọra wọlé fúnra rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ tí yàrá ìsàlẹ̀ máa gbà, ìgbà yìí ló ń wọlé, kí yàrá òkè tó fún ara rẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà ni yàrá òkè wá fún ara rẹ̀, ó ti ìyókù wọlé, bí ẹni tó da omi tó kù nínú korobá sínú ìkòkò. Yàrá ìsàlẹ̀ wá kún, ó tó bíi 120 ml.

Yàrá ìsàlẹ̀ fún ara rẹ̀. Ìfúnpá inú rẹ̀ ga ju ti yàrá òkè lọ, ẹ̀jẹ̀ fẹ́ padà sókè, ilẹ̀kùn àárín gbá tì. Ìró àkọ́kọ́ tí o gbọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìfúnpá tó wà lẹ́yìn géètì, nínú aọ́tà, tó bíi 80 mmHg lára ẹni tí ara rẹ̀ dá. Yàrá ìsàlẹ̀ kò tíì bá a dọ́gba. Nítorí náà géètì kò tíì ṣí. Ilẹ̀kùn àárín ti tì, géètì tì, ẹ̀jẹ̀ kò wọlé, kò jáde, yàrá sì ń fún. Ọmọ Ìgbóǹnà, ibẹ̀ ni tísà rẹ dúró sí.

Nígbà tí ìfúnpá bá wá kọjá 80, géètì ṣí, kò dún. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde, bíi 70 ml. Bíi 50 ṣẹ́ kù sínú yàrá. Kì í gbẹ tán. Ìfúnpá á gòkè dé bíi 120 kó tó máa wálẹ̀. Ibi tí 120/80 tí o ń kọ sínú ṣáàtì lójoojúmọ́ ti ń wá nìyẹn. Lẹ́yìn náà yàrá ìsàlẹ̀ tú ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ inú aọ́tà fẹ́ padà, géètì gbá tì. Ìró kejì nìyẹn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tún tì fún ìgbà díẹ̀, títí ìfúnpá yàrá ìsàlẹ̀ á fi lọ sílẹ̀ ju ti yàrá òkè, tí ilẹ̀kùn àárín á tún ṣí. Èyí náà kì í dún.

Nítorí náà, ilẹ̀kùn tó ń tì ló ń dún. Èyí tó ń ṣí kì í dún lára ẹni tí ara rẹ̀ dá.

Ohun tí mo fi há a sórí nìyí. Ìró kìn-ín-ní wúwo, ó gùn díẹ̀, ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ìró kejì kúrú, ó mú, ohùn rẹ̀ ga díẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè ni, gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ́ àmì ohùn ní pírámárì: dò àti mí. Dò ni ilẹ̀kùn àárín tì. Mí ni géètì tì. Láàárín dò sí mí, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Láti mí padà sí dò, ẹ̀jẹ̀ ń wọlé. Dò-mí… dò-mí… dò-mí. Gbé ìgbọ́kàn sí àyà rẹ lálẹ́ òní kí o sì máa sọ ọ́ tẹ̀lé e.

Ọmọ Ìgbóǹnà

Àǹtí, ẹ ṣé gan-an ni, ma. Mo gbé e sí àyà ọmọ yàrá mi. Mo gbọ́ dò, mo gbọ́ mí, àárín dò sí mí kúrú, ti mí sí dò gùn. Ṣùgbọ́n mo ní kó sáré gun àtẹ̀gùn ilé wa lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo tún gbé e síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ dà rú. N kò mọ èyí tó jẹ́ dò mọ́. Báwo la ṣe ń mọ̀ ọ́n lára aláìsàn tí ọkàn rẹ̀ ń sáré?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà

Inú mi dùn pé o dán an wò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí ọkàn bá ń lù nígbà 75 ní ìṣẹ́jú kan, ìyípo kan gba 0.8 ìṣẹ́jú-àáyá. Dò sí mí gba bíi 0.3, mí sí dò gba bíi 0.5. Nígbà tó bá ń sáré, àkókò ìsinmi ni ó ń jẹ jù. Bó bá fi máa tó 150, ìyípo kan ti di 0.4, àárín méjèèjì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Etí nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́.

Fi ìka méjì kan iṣan ọrùn aláìsàn náà, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, rọra. Ìró tó bá bá lílù ọrùn náà ṣe déédéé ni dò. Má ṣe tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọrùn pọ̀ láéláé. Má sì lo ọrùn-ọwọ́, torí ó ti jìnnà sí ọkàn, lílù ibẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé.

Ẹ sì tún rí ohun mìíràn níbẹ̀. Àkókò ìsinmi ni ẹ̀jẹ̀ ń wọlé. Bí ọkàn bá ń sáré jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní àkókò láti wọlé, ìdí nìyẹn tí ọkàn tó ń lù ní ọgọ́sàn-án fi lè mú kí ìfúnpá já wálẹ̀ dípò kó gòkè. Wọ́n fẹ́ràn láti béèrè èyí.

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba

Ẹ kú àlàyé o. Ẹ jọ̀wọ́, ìyá ọkọ mi náà ní ọkàn òun ń lù kìkì lóru, ó sì ń rẹ̀ wọ́n. Oògùn ìfúnpá ni wọ́n ń lò. Ẹnì kan ní ọjà sọ fún wa pé kí a má lo iyọ̀ mọ́, kí a ra iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún àwọn onífúnpá. Ṣé kí n máa fún wọn ní omi àgbọn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kún un? Àti pé èwo ni dò, èwo ni mí lára wọn?

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀rọ Kídìnrín

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ẹ̀kọ́ ìdánwò la ń ṣe níbí, ẹ má fi dò àti mí wo màmá nílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn kò ṣeé fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ iyọ̀ tí wọ́n fi ń rọ́pò iyọ̀ obẹ̀, pòtásíọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn oògùn ìfúnpá kan wà tí wọ́n ń mú kí pòtásíọ̀mù dúró sínú ara. Bí kídìnrín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, iyọ̀ yẹn, omi àgbọn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè pé jọ lé e lórí, pòtásíọ̀mù tó bá sì pọ̀ jù lè dá ọkàn dúró. Ẹ dá iyọ̀ yẹn, omi àgbọn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúró ná. Ẹ kó gbogbo ike oògùn màmá sínú ọ̀rá, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù lọ́la, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí wọ́n sì ya àwòrán ọkàn. Bí àárẹ̀ bá pọ̀ tàbí tí wọ́n dákú, ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ wò ó dáadáa, torí ìbéèrè ìdánwò nìyẹn gan-an.

Akin Ayétòrò

Èyí dára. Mo ní ọ̀nà kan fún pòtásíọ̀mù tó bá pọ̀. Nínú àwòrán ọkàn, ìyẹn ECG, ìgbì T a máa ga ṣóńṣó bí àgọ́. Pòtásíọ̀mù pọ̀, àgọ́ ga. Pòtásíọ̀mù dín, àgọ́ wó. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kálísíọ̀mù. A fún aláìsàn ní kálísíọ̀mù gúlúkónéètì, ó máa fa pòtásíọ̀mù wálẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀rọ Kídìnrín

Àgọ́ rẹ yẹn dára púpọ̀, Akin, mo máa jí i lò. Tó bá dín, àgọ́ á wó lulẹ̀, ìgbì kékeré mìíràn tí wọ́n ń pè ní U á sì yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà rẹ kẹ́yìn ni mo fẹ́ kí gbogbo yín gbàgbé. Kálísíọ̀mù kì í fa pòtásíọ̀mù wálẹ̀, ìdá díẹ̀ báyìí kò ní i dín. Ààbò ló jẹ́ fún ọkàn. Mo ti rí i lójú mi rí, ibì kan tí n kò ní í dárúkọ: wọ́n fún aláìsàn ní kálísíọ̀mù, àgọ́ wálẹ̀ lórí àwòrán, gbogbo ènìyàn mí kanlẹ̀, wọ́n kọjú sí nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan, ààbò tán, pòtásíọ̀mù sì wà níbi tó wà. Àgọ́ padà dé, ó sì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọlọ́run ló ní kí dókítà wà nítòsí.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo fi ń kọ́ àwọn tó bá wá sọ́dọ̀ wa: bò ó, tì í, lé e.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ, bí wọ́n ṣe ń gbé e wá nínú ìdánwò. Bàbá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta kan, kídìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, ó pa ìfọ̀jẹ̀ méjì jẹ torí kò sówó. Wọ́n gbé e wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára, pòtásíọ̀mù rẹ̀ 7.1 mmol/L. Ti ẹni tí ara rẹ̀ dá ò ju 3.5 sí 5.0. Kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?

Kó o tó sáré, bi ara rẹ bóyá òótọ́ ni nọ́ńbà náà. Bí ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ bá di okùn mọ́ ọwọ́ pẹ́ jù, tó ní kí aláìsàn máa di ìkúùkù, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ náà fọ́ sínú ìgò kí ó tó dé láàbù, pòtásíọ̀mù tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì á tú jáde, nọ́ńbà á ga lásán. Láàbù máa ń kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ náà ti fọ́. Nítorí náà a tún gba òmíràn. Ṣùgbọ́n bàbá yìí ní kídìnrín tó bàjẹ́, ó sì pa ìfọ̀jẹ̀ jẹ. Ẹ má jókòó dúró de láàbù. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń ya ọkàn, kí ẹ pe dókítà.

Bí àgọ́ bá ga, bò ó. Dókítà á ní kí ẹ fún un ní kálísíọ̀mù gúlúkónéètì nínú iṣan, díẹ̀díẹ̀, kí ojú yín wà lára ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́, bíi ìdajì wákàtí sí wákàtí kan ló sì máa ń lò.

Lẹ́yìn náà, tì í. Ínsúlínì àti gúlúkóòsì ni wọ́n fi ń ti pòtásíọ̀mù padà sínú sẹ́ẹ̀lì. Ínsúlínì ló ń tì í. Gúlúkóòsì wà níbẹ̀ kí ṣúgà má bàa já. Nítorí náà iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni láti máa gún ìka wo ṣúgà fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, torí ínsúlínì lè máa ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí gúlúkóòsì ti tán. Ẹni tí kídìnrín rẹ̀ bàjẹ́, ínsúlínì a máa pẹ́ lára rẹ̀. Sàbútámọ́ọ̀lù tí aláìsàn ń fà símú náà lè bá wa tì í.

Títì yìí kò tíì yọ ohunkóhun kúrò nínú ara o. Ó kàn kó o pamọ́ ni. Wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, ó lè tún jáde. Nítorí náà, lé e. Fún bàbá yìí, ìfọ̀jẹ̀ ni. Fún ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, oògùn ìtọ̀ lè lé e jáde.

Bí wọ́n bá bi ọ́ pé èwo ló ń dín pòtásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ kù, má mú bíbò. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé èwo ló ń yọ ọ́ kúrò nínú ara, lílé nìkan ni. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé èwo ni ìkíní nígbà tí àgọ́ ga, bíbò ni.

Tólú Òkè-Báálẹ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní òdì-kejì rẹ̀. Bí ó bá dín ńkọ́? Tísà wa ní pòtásíọ̀mù aláìsàn kan jẹ́ 2.6, wọ́n bi wá pé báwo la ṣe máa fún un ní pòtásíọ̀mù.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀rọ Kídìnrín

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń wá nínú ìdáhùn rẹ ni ohun tí o kò gbọdọ̀ ṣe. Pòtásíọ̀mù inú ámpúùlù kì í wọ iṣan ní tààrà láéláé. Ó ń pa ènìyàn. Inú dírípù ni kí ó wà, kí a pò ó dáadáa kó má bàa gbé ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpò, kí ó sì lọ díẹ̀díẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù lásán, iṣan ọwọ́, a kì í sábà kọjá 10 mmol ní wákàtí kan. Nítorí náà bí àpò bá ní 20 mmol nínú, ó kéré jù, wákàtí méjì ló máa lò. Kí o tó so ó kọ́, wo bóyá aláìsàn ń tọ̀. Ẹni tí kò tọ̀, kò níbi tí pòtásíọ̀mù á gbà jáde.

Ọmọ Ìgbóǹnà

Bò ó, tì í, lé e. Mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mi. Nẹ́fù orí ló kù. Ẹ má bínú pé mò ń béèrè pọ̀.

Akin Ayétòrò

Níbí ni mo ti lágbára, ẹ jẹ́ kí n ṣe é. Orúkọ kọ́ ni mo kọ́kọ́ há, nọ́ńbà ni. Mo pín wọn sí mẹ́ta: àwọn tó ń mú ìròyìn wá, àwọn tó ń jẹ́ iṣẹ́, àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀. 

*Ọ̀kan, méjì, mẹ́jọ: ìròyìn ni wọ́n ń mú wá. Márùn-ún, méje, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá: wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Ìyókù, iṣẹ́ nìkan.*

Ọ̀kan ni òórùn, méjì ni ìríran, mẹ́jọ ni etí. Imú, ojú, etí, gbogbo wọn kàn ń gba nǹkan wọlé. Fún ojú, mo tún ń sọ pé: *mẹ́fà ń wo ìta, mẹ́rin ń wo imú nísàlẹ̀, mẹ́ta ló ni ìyókù.* Mẹ́ta náà ló ń gbé ìpéǹpéjú sókè, òun ló sì ń mú kí ẹyin ojú kéré nígbà tí iná bá tàn sí i.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà

Akin, èyí dá mi lójú, kò sí àtúnṣe. Ẹ fi èyí kan kún méje, torí ó ń dà wọ́n láàmú ní wọ́ọ̀dù. Ẹni tí ojú rẹ̀ wọ́ sí apá kan, sọ fún un pé kó gbé irun òkè ojú sókè bí ẹni tó rí ohun ìyàlẹ́nu. Bí iwájú orí ẹ̀gbẹ́ yẹn kò bá hunjọ, tí kò sì lè di ojú náà dáadáa, nẹ́fù méje fúnra rẹ̀ ló ń ṣe. Bí iwájú orí bá hunjọ dáadáa, ṣùgbọ́n tí ẹnu wọ́, ọpọlọ ni kó o fura sí, kí o sáré. Ohun tí mo fi rántí rẹ̀ ni pé iwájú orí ń gba oúnjẹ láti ilé méjì, apá ọ̀tún ọpọlọ àti apá òsì, nítorí náà bí ilé kan bá pa iná, òmíràn ṣì ń fún un jẹ. Ẹnu kò ní ju ilé kan lọ. Bí nẹ́fù méje fúnra rẹ̀ bá gé, ọ̀nà oúnjẹ ilé méjèèjì ló gé, nǹkan gbogbo lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn á sì rọ.

Tólú Òkè-Báálẹ̀

Àǹtí, mo gba gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan ń bà mí. Èdè òyìnbó ni ìdánwò. Bí mo bá há a sórí ní Yorùbá, mo máa kọ́kọ́ túmọ̀ nínú orí kí n tó yan ìdáhùn, àkókò á sì tán. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe bẹ́ẹ̀, ìbéèrè mẹ́jọ ló fi sílẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà

Ìbẹ̀rù rẹ ní ìdí. Èmi a máa kọ orúkọ tí ìwé lò sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, mo sì máa ń ka méjèèjì pọ̀ títí wọn á fi di ẹ̀jẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tí kò ṣiṣẹ́ fún.

Akin Ayétòrò

Èmi ò túmọ̀ ohunkóhun. Mo kàn ń gbọ́ nọ́ńbà náà, mo sì yan án. Bóyá nítorí pé nọ́ńbà ni.

Ọmọ Ìgbóǹnà

Mo fẹ́ dán ara mi wò níwájú yín. Tísà fi ìbéèrè sílẹ̀ fún wa: ọmọdébìnrin kan, ibà tó mú ọkàn rẹ̀ ti jẹ́ kí máítírà rẹ̀ le, kò ṣí dáadáa mọ́. Ìgbà wo ni a máa gbọ́ ariwo lára rẹ̀?

Mo ronú pé máítírà ni ilẹ̀kùn àárín. Ìgbà tó yẹ kó ṣí ni ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, ìyẹn láti mí padà sí dò. Bí kò bá ṣí dáadáa, ẹ̀jẹ̀ á máa fún ara rẹ̀ gba inú ihò tóóró kọjá, á sì máa hó. Nítorí náà, lẹ́yìn mí ni ariwo wà. Bí máítírà náà bá ń jò dípò, ìgbà tó yẹ kó tì ni yóò dún, láàárín dò sí mí. Ṣé mo gbà á?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà

O gbà á. Ìbéèrè tó o bi ara rẹ yẹn ni kó o máa bi wọn, fún ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ní ìgbà yìí, ó ha yẹ kí ó ṣí ni, tàbí kí ó tì? Wá ṣe ti géètì aọ́tà fúnra rẹ, tí kò ṣí dáadáa, àti èyí tó ń jò.

Ọmọ Ìgbóǹnà

Tí kò ṣí dáadáa: dò sí mí, torí ìgbà yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Tó ń jò: lẹ́yìn mí, torí ó ti yẹ kó tì. 

Ohun kan ni n kò tíì mọ̀, ma. Aláìsàn bẹ́ẹ̀dì kẹrin ní wọ́ọ̀dù wa, mo gbọ́ ìró mẹ́ta lára rẹ̀: dò, mí, kí òmíràn tó wúwo tẹ̀lé e kíákíá. Ẹni ogún ọdún ni, dókítà ní kò sí wàhálà. Ọ̀rẹ́ mi sì ní bàbá òun ní irú ìró kẹta yẹn nígbà tí ọkàn rẹ̀ ń dá iṣẹ́ sílẹ̀. Báwo ni ìró kan náà ṣe lè jẹ́ àlàáfíà fún ẹnì kan àti àrùn fún ẹlòmíràn?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà

Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya wọ inú yàrá ìsàlẹ̀ lẹ́yìn mí ló ń dún bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí ni kó o kọ́kọ́ wò. Ọmọ kékeré àti ọ̀dọ́, yàrá wọn máa ń rọ̀, ó sì máa ń gba ẹ̀jẹ̀ kíákíá. Àgbàlagbà tó ní ìró náà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kò lè sùn gbọọrọ lálẹ́, yàrá tó ti kún jù ni ẹ̀jẹ̀ ń ya wọ̀. Mo ń wọ iṣẹ́ alẹ́ báyìí. Ọ̀la, kí o tó lọ bá bẹ́ẹ̀dì kẹrin, mú ẹ̀yìn ìgbọ́kàn tó dà bí agogo, má lo tó ní awọ, rọra gbé e sí ṣóńṣó ọkàn lápá òsì, kí ó dùbúlẹ̀ sí apá òsì. Kọ ohun tí o gbọ́ síbí.